Oṣù Kan Tí A Kò San

Inú ń bí mi títí di òní, mi ò sì fẹ́ kí ẹnikẹ́ni wá bá mi tù ú. Àwọn kan máa ń sọ pé kí ni obìnrin tó ń ṣe gààrí ń bá báńkì bínú fún, ṣé báńkì mọ̀ mí ni? Báńkì mọ̀ mí o. Ó mọ̀ mí dáadáa, ohun tó sì mọ̀ nípa mi ló fi ti ilẹ̀kùn mọ́ mi lójú.

Pobẹ̀ ni mo ti ń ṣe gààrí, Sákẹ́tẹ́ ni mo ti ń tà á lọ́jọ́ ọjà. Àwa obìnrin bíi mélòó kan tí a jọ ń ṣe iṣẹ́ yìí kó ara wa jọ sí ẹgbẹ́ kí a lè máa yáwó lọ́wọ́ kẹ́ẹ̀sì kékeré kan tó ń yá àwọn oníṣòwò lówó. Kẹ́ẹ̀sì yìí kì í béèrè ilé tàbí ilẹ̀. Ohun tó ń béèrè ni pé kí a dúró fún ara wa: bí ẹnì kan ò bá rí tirẹ̀ san lóṣù, kí àwọn tó kù bá a san án. Èmi ni akápò, ọ̀dọ̀ mi ni àpótí ẹgbẹ́ wà. Olórí wa ni ọ̀rẹ́ mi, obìnrin ìmàle kan tó ń gbé ní Ìta Ìjẹ̀bú, lágbègbè Sákẹ́tẹ́.

Ẹnu obìnrin yẹn mú bí abẹ. Nítorí pé ìjọ aláṣọ funfun ni mò ń lọ, kì í jẹ́ kí n gbádùn. Á ní, "Aláṣọ funfun, ṣé torí àtidín owó bàtà kù lẹ ṣe ń wọ ṣọ́ọ̀ṣì láìwọ bàtà?" Èmi náà á ní kó lọ jókòó. Bí a ṣe ń ṣe nìyẹn láti ìgbà tí a ti mọra.

Ẹgbẹ́ wa ní àṣà kan tí kò sí nínú ìwé kankan. Bí òkú bá kú fún ọ̀kan nínú wa, ohunkóhun tó bá wà nínú àpótí lọ́jọ́ náà la máa ń gbé lọ sílé ọ̀fọ̀. A kì í kà á, a kì í yọ nínú rẹ̀. Ẹni tí ọ̀fọ̀ ṣẹ̀ ń gbé e gan-an bó ṣe wà ni, àwa tó kù á sì tún un kó jọ nígbà tó bá yá.

Èmi ló kàn. Ìyá mi kú, owó tí a fẹ́ san ní kẹ́ẹ̀sì lóṣù yẹn sì pé pérépéré nínú àpótí. Olórí fúnra rẹ̀ ló wá gbé e nínú yàrá mi, tó gbé e lé mi lẹ́sẹ̀ níwájú gbogbo èèyàn. Mo ní rárá, owó kẹ́ẹ̀sì ni. Ó ní, "Pa ẹnu rẹ mọ́ kí o sin ìyá rẹ." Òun ni mo fi ra pósí.

Ajan kẹ́ẹ̀sì, ọmọkùnrin tó máa ń gun ọ̀kadà wá gbowó lọ́wọ́ wa, wà níbẹ̀. Ó jókòó sábẹ́ àtíbàbà, ó jẹ ìrẹsì, ó bu ẹran kún un. Olórí lọ bá a níbi tó jókòó sí.

"Ọ̀gá, ọ̀fọ̀ ti gbé owó oṣù yìí o. Lóṣù tó ń bọ̀, a ó san méjì pọ̀."

Ó nu ẹnu. "Màmá, kò sí wàhálà. Mo ti gbọ́."

Etí mi ló ṣe. Bí oṣù kejì ṣe dé, a san méjèèjì pọ̀, a tún san owó ìtanràn tí wọ́n fi lé e. Láti ìgbà yẹn, a ò pẹ́ mọ́. A san gbèsè náà tán, a gba ìwé pé a ti san án tán, a sì jó wálé.

Ohun tí mò ń fẹ́ láyé mi ni ẹ̀rọ tí ń rin ẹ̀gẹ́. Ẹni tí kò bá ṣe iṣẹ́ yìí rí kò lè mọ̀. Ọ̀dọ̀ ọkùnrin kan ṣoṣo la ti ń rin ẹ̀gẹ́ wa, tó bá wù ú á tan ẹ̀rọ, tí kò bá wù ú á ní epo ti tán. Ẹ̀gẹ́ tí a ti bó á wà nílẹ̀, á máa dúdú, àwa á máa bẹ̀ ẹ́ bí ẹni ń bẹ àna. Mo fẹ́ ní tèmi, kí n gbé e sábẹ́ páànù lẹ́yìnkùlé mi. Owó rẹ̀ ju ohun tí kẹ́ẹ̀sì lè yá wa lọ, ni mo bá gba báńkì lọ ní Pobẹ̀.

Ọmọbìnrin kan ló gbà mí níbẹ̀. Ó kí mi dáadáa, ó fún mi níwèé kan pé kí n fọwọ́ sí i kí wọ́n lè wo ìtàn gbèsè mi. Mo fọwọ́ sí i tayọ̀tayọ̀. Èmi tí mi ò jẹ ẹnikẹ́ni ní kọ́bọ̀, kí ni wọ́n fẹ́ rí? Ó tẹ kọ̀ǹpútà, ó wò ó, ojú rẹ̀ yí padà.

"Màmá, ìgbà kan wà tí ẹ pẹ́ san owó. Ó pé oṣù kan gbáko."

"Èmi? Gbèsè èwo?"

Ó dárúkọ kẹ́ẹ̀sì wa. Mo fa ìwé pé a ti san tán yọ nínú báàgì, mo nà án sí i. Kò tilẹ̀ gbà á. Ó ní òun mọ̀ pé a ti san án, kọ̀ǹpútà náà sọ bẹ́ẹ̀. Ó ní sísan kì í pa ìpẹ́ rẹ́, ó kàn ń sọ ọ́ di ohun tí a san lẹ́yìn ìgbà tó yẹ ni.

Mo jókòó padà. Mo ní kó ṣàlàyé fún mi bí ẹni tí ò gbọ́ Faransé. Ó ṣe é, mi ò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó ní ibì kan wà tí gbogbo báńkì àti kẹ́ẹ̀sì ń kó ìròyìn àwọn tí wọ́n yá lówó lọ lóṣooṣù, tí ẹni tó san lásìkò àti ẹni tó pẹ́ sì wà níbẹ̀ pẹ̀lú iye ọjọ́ tó fi pẹ́. Inú ìròyìn yẹn ni wọ́n ti ń fún olúkúlùkù ní máàkì. Ọjọ́ díẹ̀ kì í ba máàkì jẹ́ tó bẹ́ẹ̀. Tó bá ti pé oṣù kan, ó ń fà á wálẹ̀ gan-an, tó bá sì ju ẹ̀ẹ̀kan lọ, ó tún burú sí i. Ó ní tí mo bá ń san lásìkò, bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́ ni ìpẹ́ àtijọ́ á máa fúyẹ́, ṣùgbọ́n bí òmíràn bá wọlé, á dà bíi pé mo tún bẹ̀rẹ̀ láti ìsàlẹ̀.

"Ẹgbẹ́ ló yáwó yẹn, kì í ṣe èmi nìkan."

"Orúkọ olúkúlùkù yín ni wọ́n fi ránṣẹ́, Màmá."

"Ìgbà wo ló máa kúrò níbẹ̀?"

"Ọdún márùn-ún lẹ́yìn tí ẹ ti san gbèsè náà tán."

Mo rẹ́rìn-ín. Ẹ̀rín ìbínú ni. Ìyá mi á ti jẹrà tán nínú ilẹ̀, pósí tí mo fi owó yẹn rà á sì ti jẹrà, ìpẹ́ mi á ṣì wà lódidi. Ọmọbìnrin náà ní kì í ṣe ibi tí wọ́n ń kó ìròyìn jọ sí ló ní kí wọ́n má yá mi lówó, báńkì tòun ló pinnu bẹ́ẹ̀, nítorí owó tí mò ń fẹ́ tóbi, máàkì mi ò sì tó o. Ó ní lẹ́ẹ̀kan lọ́dún, mo lẹ́tọ̀ọ́ láti gba ẹ̀dà ìtàn gbèsè mi lọ́fẹ̀ẹ́, tí irọ́ bá sì wà níbẹ̀, wọn gbọ́dọ̀ tún un ṣe. Ohun tó dùn mí jù nìyẹn. Irọ́ kankan ò sí níbẹ̀. A pẹ́ lóòótọ́.

Mo gun sẹ́mì, ọ̀kadà tí ń gbé èrò, ó di Sákẹ́tẹ́, bíróò ajan. Wọ́n ti gbé e ga, ó ti kúrò lórí ọ̀kadà, fáànù ló ń fẹ́ sí i lára. Mo dúró lé e lórí.

"O jẹ ìrẹsì òkú ìyá mi, o ní kò sí wàhálà."

Ó ní kí n jókòó. Mi ò jókòó. Ó ní, "Màmá, mo ní mo ti gbọ́. Mi ò ní mo ti fọwọ́ sí i." Ó ní ká ní a wá sí bíróò kí ọjọ́ tó pé, ká sì fọwọ́ síwèé pé a sún ọjọ́ síwájú, wọn ì bá má kọ ọ́ pé a pẹ́.

"Kí ló dé tí o ò sọ bẹ́ẹ̀ lọ́jọ́ náà?"

"Ilé ọ̀fọ̀ ni, Màmá. Ṣé ibẹ̀ ni mo ti máa sọ̀rọ̀ ìwé?"

Mo bú u. Mo bú u ní Ànàgó, mo bú u ní Gùn, nígbà tí ìyẹn ò tó mi, mo fi ìwọ̀nba Faransé tí mo mọ̀ kún un. Ọ̀fọ̀ ò jẹ́ kó lè sọ̀rọ̀ ìwé, ṣùgbọ́n ó jẹ́ kó lè bu ẹran!

Mo lọ sọ fún Olórí. Mo rò pé ó máa bínú bíi tèmi, orúkọ tirẹ̀ náà kúkú wà níbẹ̀. Kàkà bẹ́ẹ̀, ó ń yan gààrí rẹ̀ lọ nínú agbada.

"Ṣé ká lọ hú ìyá rẹ jáde ká gba pósí padà ni?"

"Èmi ò ṣeré."

"Èmi náà ò ṣeré. Tó bá tún ṣẹlẹ̀ lónìí, bí mo ṣe máa ṣe é nìyẹn."

Mo ní kò ní ṣẹlẹ̀ mọ́. Mo ní níwọ̀n ìgbà tí mo bá ṣì jẹ́ akápò, owó kẹ́ẹ̀sì á kọ́kọ́ dé kẹ́ẹ̀sì kí ohunkóhun tó dé ibikíbi. Ó wò mí, ó tún padà sídìí agbada rẹ̀. Èmi tí mo mọ̀ ọ́n, ó yẹ kí n ti mọ̀ pé kò fara mọ́ ọn.

A tún yá owó mìíràn lọ́wọ́ kẹ́ẹ̀sì. Mo ń san án lásìkò bí ẹni tí wọ́n ń lé. Mo ti ń fọkàn ṣírò ìgbà tí ìpẹ́ yẹn á fúyẹ́ tó kí n lè padà sí báńkì, mo tilẹ̀ ti ro ilẹ̀ ibi tí ẹ̀rọ máa dúró sí.

Ní ìdájí ọjọ́ kan, fóònù mi dún. Ọkọ Olórí ti kú. Ìmàle ni wọ́n, wọn kì í fi òkú pamọ́, kí oòrùn tó yẹ àtàrí wọ́n á ti sin ín. Ọjọ́ yẹn gan-an sì ni ọjọ́ tí a gbọ́dọ̀ san owó oṣù.

Àwọn ọmọ ẹgbẹ́ pè mí pé kí n gbé àpótí dání, àwọn ń dúró dè mí níta. Mo ní kí wọ́n máa lọ, mò ń bọ̀. Mo ti rò ó pé mo máa yára san án, kí n gun sẹ́mì lọ sí Ìta Ìjẹ̀bú. Ṣùgbọ́n nígbà tí mo dé kẹ́ẹ̀sì, wọ́n ní kò sí rẹ́sọ̀, kọ̀ǹpútà wọn ò lè gba owó wọlé. Mo jókòó. Mo dìde. Mo bá wọn jà, wọ́n ní kì í ṣe àwọn ni rẹ́sọ̀. Mo ń bínú sí wọn, mo ń bínú sí ajan, mo tún ń bínú sí ọkọ ọ̀rẹ́ mi tó yan ọjọ́ yẹn kú. Àmọ́ mi ò kúrò lórí bẹ́ǹṣì. Nígbà tí rẹ́sọ̀ dé, mo san án, mo gba ìwé, mo ká a sínú báàgì mi.

Wọ́n ti bo òkú mọ́lẹ̀ nígbà tí mo dé. Àwọn ọkùnrin ń ṣan ọwọ́ tó kan iyẹ̀pẹ̀. Àwọn obìnrin ẹgbẹ́ wa jókòó sẹ́gbẹ̀ẹ́ ògiri, wọ́n ká ọwọ́ lé itan, kò sí àpótí níwájú wọn. Ọ̀kan nínú wọn wo báàgì mi, ó gbójú sílẹ̀.

Olórí wà lórí ẹní. Mo kúnlẹ̀ tì í. Gbogbo ọ̀rọ̀ ìtùnú tí mo ti ń tò láti orí sẹ́mì fò lọ.

"O ti san án?" Ohùn rẹ̀ ti há.

"Mo ti san án."

"Ṣé wọ́n kọ ọ́ pé o ò pẹ́?"

Mo ti báàgì mi sẹ́yìn. Ó sún díẹ̀ lórí ẹní, ó ṣe àyè fún mi. Mo jókòó síbẹ̀ tèmi ti ọwọ́ òfìfo.