Ẹ̀bẹ̀ Tí Àwáwù Pa Rẹ́

Ẹni tó bá dé Ṣakí ní ọdún 1984, tó ń wá ilé Ládòkun, kò ní béèrè lẹ́ẹ̀mejì. Kó ṣáà máa tẹ̀lé ohùn Àwáwù lọ. Àgbẹ̀ oníṣu ni bàbá rẹ̀, ìyá rẹ̀ ń ta ẹ̀wà àti ọkà bàbà, òun sì ni ọmọbìnrin àkọ́kọ́ tó dé yunifásítì ní agboolé wọn. Ọ̀rọ̀ kì í wọ́n ọn lẹ́nu. Ó ti dé ọdún àṣekágbá, ìwádìí kan ṣoṣo ló kù kó gboyè, ó sì dá a lójú bí àdá pé òun yóò ṣe é ní àṣeyọrí.

Másùnmáwo ni ìwádìí náà dá lé lórí, ìyẹn wàhálà ọkàn tó máa ń lé oorun lọ lójú akẹ́kọ̀ọ́. Ó fẹ́ kí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì tó jẹ́ ọmọ Òkè-Ògùn dáhùn ogún ìbéèrè lórí ìwé. Ẹ̀ẹ̀kan péré lọ́dún ni gbogbo wọn máa ń pé jọ, nígbà ìsinmi gígùn, ní gbọ̀ngán ilé-ìwé girama kan ní Ṣakí. Àwọn ará Tẹ̀dé á wá, àwọn ará Otu á wá, àwọn ará Ògbóòrò náà kò ní gbẹ́yìn. Sátidé tó ń bọ̀ ni ìpàdé ọdún yìí. Bó bá bọ́ mọ́ ọn lọ́wọ́, oyè rẹ̀ di ọdún tó ń bọ̀ nìyẹn.

Olùkọ́ tó ń darí ìwádìí náà ti fọwọ́ sí àwọn ìbéèrè, ṣùgbọ́n ó ní kò gbọdọ̀ pín in fún ẹnikẹ́ni títí òun yóò fi rí ọ̀rọ̀ ìyọ̀ǹda tí yóò wà lókè rẹ̀: ọ̀rọ̀ tí yóò jẹ́ kí ẹni tó fẹ́ dáhùn mọ ohun tó ń gbà láti ṣe, àti ibi tó lè sá lọ bí ìbéèrè kan bá ta á lọ́kàn. Ó ní kó kọ́kọ́ kọ ọ́ ní Yorùbá kó tó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, kí ìtumọ̀ rẹ̀ má baà sọnù. Ọjọ́ Ajé ni Àwáwù jókòó, ó sì kọ ọ́ tán kí oúnjẹ ọ̀sán tó jinná. Ó kà á fún ara rẹ̀ lẹ́ẹ̀mẹta, ó sì dùn mọ́ ọn. Ó wá mú un lọ bá Màmá Ṣọlá.

Nọ́ọ̀sì àgbà ni Màmá Ṣọlá ní ọsibítù ìjọba. Mọ́ládé ni orúkọ rẹ̀, ṣùgbọ́n ta ni yóò pè é bẹ́ẹ̀? Ó ti tọ́jú àwọn tí wàhálà ọkàn ń bá jà níbòmíràn rí kí wọ́n tó gbé e wá sí Ṣakí. Kì í pariwo, kì í sì í tan ènìyàn. Ó wọ awò ojú rẹ̀, ó ka ìwé náà títí dé ìsàlẹ̀, ó tún padà sí òkè.

Bí Àwáwù ṣe bẹ̀rẹ̀ rẹ̀ nìyí: “Ẹ̀yin ẹ̀gbọ́n àti àbúrò mi, lórí ìkúnlẹ̀ ni mo wà. Nítorí Ọlọ́run, ẹ bá mi dáhùn gbogbo ìbéèrè yìí. Ẹ má ṣe jẹ́ kí ojú tì mí.”

“Àwáwù,” ni Màmá Ṣọlá wí, “bí ọmọ ìyá rẹ bá kúnlẹ̀ níwájú rẹ, tó ní kí o má dójú ti òun, ṣé o lè sọ pé rárá?”

“Ẹ̀kọ́ ilé wo ni mo kọ́, mà, tí màá fi sọ bẹ́ẹ̀?”

“Ó dáa. Ìwé yìí kò tíì béèrè ohunkóhun lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni nìyẹn. Àṣẹ ló ń pa, ó kàn kúnlẹ̀ pa á ni.”

Ọ̀rọ̀ yìí dun Àwáwù. Láti kékeré ni wọ́n ti kọ́ ọ pé ẹni tó fẹ́ nǹkan a máa bẹ̀bẹ̀, òun náà sì mọ ẹ̀bẹ̀ í bẹ̀. Ó fẹ́ jiyàn, ṣùgbọ́n ó tún ìwé náà kà. Ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀ tẹ́lẹ̀ ni ìwé yìí ń wá, irú ẹni bẹ́ẹ̀ gan-an ni kò sì ní lágbára láti sọ pé rárá sí ẹ̀bẹ̀. Ó fa ìlà pa gbogbo rẹ̀ rẹ́.

Màmá Ṣọlá kò tíì ṣe tán. Ó nawọ́ sí ibi tí Àwáwù ti kọ ọ́ pé kò sẹ́ni tí yóò mọ ẹni tó dáhùn, tó sì tún béèrè ìlú ẹni àti ẹ̀kọ́ tó ń kọ́ nísàlẹ̀ rẹ̀. Ó bi í pé ọmọ Ògbóòrò mélòó ló ń kọ́ ìmọ̀ òfin. Àwáwù ní ẹyọ kan ni. Ó ti dárúkọ ẹni náà tán kó tó gbá ẹnu mú, àwọn méjèèjì sì rẹ́rìn-ín. Ìbéèrè nípa ìlú àti nípa ẹ̀kọ́ bá ìkúnlẹ̀ lọ.

Nísàlẹ̀ pátápátá, Àwáwù ti kọ ọ́ pé kí ẹni tó bá ní ìṣòro lọ rí Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé. Nọ́ọ̀sì Mọ́ládé fúnra rẹ̀ wá bi í pé ìgbà wo ni òun gbà. Àwáwù tọrọ àforíjì. Wọ́n fi àdéhùn sí i: ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́bọ̀, láti aago méjì sí mẹ́rin, ní yàrá ẹ̀yìn tí wọ́n ti ń wọn ọmọ ọwọ́ láàárọ̀, tí ilẹ̀kùn rẹ̀ kò kọjú sí bẹ́ńṣì àwọn aláìsàn. Màmá Ṣọlá ní kó kọ apá yìí sórí ìwé kékeré ọ̀tọ̀, kí gbogbo ènìyàn mú un lọ ilé, ẹni tó dáhùn àti ẹni tí kò dáhùn. Bó bá jẹ́ ẹni tó níṣòro nìkan ló mú un, gbogbo gbọ̀ngán ló máa mọ̀ ọ́n.

Ọ̀rọ̀ tí Àwáwù kọ níkẹyìn kò dùn létí bí ti àkọ́kọ́, ṣùgbọ́n ó dúró lórí ẹsẹ̀ rẹ̀:

“Àwáwù Ládòkun ni mí, akẹ́kọ̀ọ́ ọdún àṣekágbá. Mo ń ṣe ìwádìí lórí másùnmáwo láàárín akẹ́kọ̀ọ́. Ìbéèrè ogún ni, kò ní ju ogún ìṣẹ́jú lọ. Bí o bá fẹ́, dáhùn. Bí o kò bá fẹ́, má dáhùn. O lè fo ìbéèrè, o lè dáwọ́ dúró, kò sí ìyà níbẹ̀, kò sì sí èrè. Má kọ orúkọ rẹ. Ìbéèrè kan lè mú ọkàn rẹ gbọgbẹ́. Èmi àti olùkọ́ mi nìkan ni yóò ka ìdáhùn, a ó sì tì í mọ́ inú àpótí. Nítorí pé n kò ní mọ ẹni tó kọ èwo, n kò ní lè wá ọ wá. Nítorí náà mú ìwé kékeré yìí dání.”

Lórí ìwé kékeré náà ni ọjọ́ àti wákàtí Màmá Ṣọlá wà, àti ilé ìwòsàn yunifásítì fún ìgbà tí wọ́n bá wọlé padà. Ó sì kọ ọ́ pé ẹni tó bá ń rò ó láti pa ara rẹ̀ lára kò gbọdọ̀ dúró de ọjọ́ kankan: kó sọ fún ẹni tó fọkàn tán, kó sì lọ sí ọsibítù lójú ẹsẹ̀, tọ̀sán-tòru. Ìlà tó kẹ́yìn ni pé ohun tí o bá sọ níbẹ̀ kò ní dé etí ẹni tó ń ṣèwádìí, bẹ́ẹ̀ ni kò ní mọ̀ pé o wá.

Ó yí i sí Gẹ̀ẹ́sì, awakọ̀ kan sì gbé méjèèjì lọ fún olùkọ́ rẹ̀ lọ́jọ́ Rú. Lọ́jọ́ Ẹtì ó gbé wọn padà dé pẹ̀lú ọ̀rọ̀ kúkúrú láti ọwọ́ olùkọ́: kó máa pín in.

Ní Sátidé, Mọ́nsúrù alága ẹgbẹ́ akẹ́kọ̀ọ́ gun kẹ̀kẹ́ rẹ̀ wọ ọgbà ilé-ìwé, kẹ̀kẹ́ tó fi aṣọ pupa ran ìjókòó rẹ̀, tí gbogbo Ṣakí mọ̀. Mọ́nsúrù fẹ́ràn àṣẹ bí ẹní fẹ́ràn ẹran. Ó ní kí Àwáwù fọkàn balẹ̀, òun yóò ti ilẹ̀kùn, ẹnikẹ́ni kò ní jáde láìdáhùn. Àwáwù dá a dúró. Ó ní kó ṣílẹ̀kùn sílẹ̀ gbayawu, kó sì lọ jókòó láàárín àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀. Mọ́nsúrù ní ìwé kíkà ti ń yí Àwáwù lórí, ṣùgbọ́n ó jókòó.

Mọ́kànlélógójì ni ìwé tó pín. Wọ́n ká gbogbo rẹ̀ bákan náà, wọ́n jù ú sínú páálí. Nígbà tó tú u nílé, méjìlá ṣófo. Ó dùn ún díẹ̀, kí n má parọ́. Ṣùgbọ́n ìdáhùn mọ́kàndínlọ́gbọ̀n tó iṣẹ́ í ṣe, àwọn méjìlá yẹn sì ti rí ọ̀nà sọ pé rárá. Ìwé kékeré kò ṣẹ́ kù lórí tábìlì gbọ̀ngán, ẹyọ kan kò sì sí nílẹ̀.

Lọ́jọ́ Ìṣẹ́gun ni ìyá rẹ̀ di iṣu mẹ́ta fún un pé kó gbé e fún Màmá Ṣọlá, kó fi dúpẹ́. Ó gbé e rù, ó gba ẹ̀yìn ọsibítù, nítorí ọ̀nà ibẹ̀ yá, kò rántí ọjọ́ tí wọ́n jọ fi àdéhùn sí. Aago mẹ́ta kò tíì lù. Lẹ́bàá yàrá tí wọ́n ti ń wọn ọmọ, kẹ̀kẹ́ kan fẹ̀yìn ti ògiri. Aṣọ pupa ni wọ́n fi ran ìjókòó rẹ̀. Mọ́nsúrù kò sì ní ọmọ tí wọ́n máa wọ̀n.

Àwáwù rántí ariwo ọjọ́ Sátidé, ó sì ṣàánú rẹ̀ gan-an. Ó wù ú kó dúró, kó kí i, kó bi í léèrè ohun tó ń ṣe é. Ṣùgbọ́n ó ti fi ọwọ́ ara rẹ̀ kọ ìlà ìkẹyìn yẹn. Ó yí padà pẹ̀lẹ́, tòun ti iṣu lórí, ó sì forí lé ilé.

Ìyá rẹ̀ bi í pé kí ló dé tí iṣu fi padà wá. Ó ní iṣẹ́ wà lọ́wọ́ Màmá Ṣọlá, òun yóò lọ lọ́la. Ìyá rẹ̀ ní ta ni wọ́n ń tọ́jú.

Àwáwù sọ iṣu kalẹ̀. Ó ní òun kò rí ẹnikẹ́ni.