Àpótí Tí Kò Ní Ọfà Àbájáde

Èmi ni mo ń sùn lórí bẹ́ẹ̀dì òkè, ẹ̀gbọ́n ń sùn ní ìsàlẹ̀. Kì í ṣe ẹ̀gbọ́n mi ní ti ìbí o. Bedspace, ìyẹn bẹ́ẹ̀dì kan péré tí èèyàn ń háyà, ní Abu Shagara ní Sharjah ló pa wá pọ̀, nínú yàrá tí àwa àti àwọn ọmọ Pakistan jọ ń gbé. Kí ó tó kó dé, mo lè bẹ̀rẹ̀ ọ̀sẹ̀ kí n parí rẹ̀ láìsọ Yorùbá sí ẹnikẹ́ni, àfi lórí fóònù. Ní ṣọ́ọ̀ṣì, àwọn èèyàn á dì mọ́ mi, wọ́n á ní "Bro, how far?", kálukú á sì sáré lọ wá táksí. Mi ò purọ́, àdáwà ń jẹ mí níyà. Oúnjẹ tí mo bá dá nìkan jẹ kì í dùn lẹ́nu mi.

Iṣẹ́ síkúríìtì ni ẹ̀gbọ́n ń ṣe. Àdéhùn ibi tó ń ṣọ́ tẹ́lẹ̀ ti parí, ilé iṣẹ́ rẹ̀ sì ní kó wá ibi kan sùn ná títí wọn ó fi rí ibòmíì fi í sí. Ibòmíì ọ̀hún ti dé, ṣùgbọ́n orí áàpù kan ló ti gbọ́dọ̀ tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Bí oṣù bá parí tí kò tíì tẹ̀ ẹ́, wọ́n á gbé ipò náà fún ẹlòmíì, wọ́n á sì cancel visa rẹ̀. Áàpù náà ò sì jẹ́ kó wọlé.

Nírọ̀lẹ́ ọjọ́ kan tí a jọ ń dáná, ó na fóònù sí mi.

"Àbúrò, ìwọ tó ò ń ṣe kọ̀ǹpútà, bá mi wo nǹkan yìí. Ó ní kí n dúró, kí n tún gbìyànjú tó bá yá. Mo pe helpdesk, àwọn náà ní kí n dúró. Ìgbà wo gan-an ló máa yá?"

Mo wò ó, mo sì dá a mọ̀. Ilé iṣẹ́ wa ní Dubai ló ṣe áàpù náà. Èmi gan-an ni mo kọ gbólóhùn tó ń bẹ ẹ́ pé kó dúró. Nígbà tí mo sọ fún un, ó bú sẹ́rìn-ín.

"Ah! Ìwọ lo wá tì mí síta? Yalla, ó yá, ṣí ilẹ̀kùn jàre!"

Mi ò ní kọ́kọ́rọ́. Iṣẹ́ tèmi ni kí n kọ bí áàpù ṣe ń ṣiṣẹ́ sílẹ̀, kí n yà á ní àwòrán. Mi ò lè fọwọ́ kan àkọọ́lẹ̀ ẹnikẹ́ni, ìyẹn account wọn lórí áàpù. Àmọ́ ọ̀sẹ̀ yẹn náà ni ọ̀gá wa, obìnrin ará India kan, ní kí n ya àwòrán bí èèyàn ṣe ń wọlé sórí áàpù. Àwọn tó gbé iṣẹ́ fún wa ti ń ráhùn pé áàpù ń ti àwọn òṣìṣẹ́ wọn síta, wọ́n sì ń bọ̀ wá jókòó pẹ̀lú wa. Àwòrán kan ṣoṣo ni ọ̀gá fẹ́.

Flowchart ni mo kọ́kọ́ yà. Òun ló rọrùn jù: o bẹ̀rẹ̀ láti òkè, o ń bọ̀ nísàlẹ̀, o ń béèrè ìbéèrè lójú ọ̀nà. Ṣé password tọ̀nà? Bẹ́ẹ̀ ni: fi kóòdù ránṣẹ́ sí fóònù rẹ̀. Ṣé kóòdù tọ̀nà? Bẹ́ẹ̀ kọ́. Ṣé ó ti ṣì í ní ẹ̀ẹ̀mẹta? Bẹ́ẹ̀ ni: ti àkọọ́lẹ̀ pa. Ìparí. Ọ̀gá yọ̀ mọ́ ọn. "Ẹni tí kò mọ kọ̀ǹpútà rárá máa lóye èyí," ló wí.

Ọmọ Íjíbítì tó ń kọ áàpù náà ò gbà. "Habibi, ọ̀rẹ́ mi, èyí ò sọ ẹni tó ń bá ẹni sọ̀rọ̀." Sequence diagram ló fẹ́. Ó to fóònù, kọ̀ǹpútà wa àti ilé iṣẹ́ tó ń bá wa fi kóòdù ránṣẹ́ sẹ́gbẹ̀ẹ́ ara wọn, ó sì ń fa ọfà láàárín wọn láti òkè wá sísàlẹ̀, bí ọ̀rọ̀ ṣe ń tẹ̀ lé ara wọn. Bó ṣe ń yà á ni ohun tó ṣe ẹ̀gbọ́n hàn sí mi. Kóòdù àkọ́kọ́ pẹ́ lọ́nà. Ẹ̀gbọ́n béèrè òmíràn, èyí tuntun sì sọ ti àkọ́kọ́ di aláìníláárí. Ìgbà yẹn ni ti àkọ́kọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ wọlé, ó sì tẹ̀ ẹ́. Bó ṣe ṣe é léraléra títí tí wọ́n fi tì í pa nìyẹn.

Mo yọ̀. Lẹ́yìn náà ni mo rò ó pé, mo ti mọ bó ṣe já sí kòtò, mi ò tíì mọ ìdí tí kò fi lè jáde.

Nítorí náà mo jókòó ya ẹ̀kẹta, state diagram. Ìyẹn ò béèrè ohun tó kàn láti ṣe tàbí ẹni tó sọ̀rọ̀. Ohun tó ń béèrè ni pé, ipò wo ni àkọọ́lẹ̀ yìí wà báyìí, kí ló sì lè gbé e kúrò níbẹ̀? Mo ya àpótí mẹ́rin: wà níta, ń retí kóòdù, ti wọlé, wà ní títì. Mo fa ọfà láti ọ̀kan sí èkejì. Mo dé àpótí títì, ọfà wọlé síbẹ̀, mo wá èyí tó jáde, mi ò rí i. Nínú flowchart, ibẹ̀ ni ìparí, ojú ẹni a sì kọjá lọ. Ṣùgbọ́n àkọọ́lẹ̀ èèyàn ò parí. Ibẹ̀ ló jókòó sí.

Lọ́jọ́ ìpàdé, ọ̀gá ti gbé flowchart sójú ògiri. Ẹni tó bá dákẹ́, tara rẹ̀ a bá a dákẹ́. Èmi tí kì í sọ̀rọ̀ nípàdé dìde, mo gbé tèmi sójú ògiri.

"Ẹ jọ̀ọ́, ẹ wo tèmi. A ní kí wọ́n dúró. Kí ni wọ́n ń dúró dè?"

Gbogbo wọn wo àpótí náà. Ọmọ Íjíbítì rò pé àwọn helpdesk ní bọ́tìnnì tí wọ́n fi ń ṣí i. Ọ̀gá rò pé tó bá ṣe díẹ̀ ó ń ṣí fúnra rẹ̀. Kò sẹ́ni tó kọ ìkankan nínú méjèèjì sínú áàpù.

"Khalas, ó parí," ni ọ̀gá wí. "Èyí la máa lò." Ọmọ Íjíbítì fa ọfà tó sọnù sí i fúnra rẹ̀: bí ìdajì wákàtí bá kọjá, kí àkọọ́lẹ̀ padà sí ìta, kí onítọ̀hún tún gbìyànjú. Kí oṣù tó parí ni ó ti kọ ọ́ sínú áàpù.

Ẹ̀gbọ́n wọlé! Ó gbé mi sókè láàárín kíṣìnnì, àwọn ọmọ Pakistan ń pàtẹ́wọ́ láìmọ ohun tí à ń yọ̀ sí. Ó tẹ̀ ẹ́ pé òun gbà. Lẹ́yìn náà ló ka ohun tó wà nísàlẹ̀, ó sì yí fóònù sí mi.

"Jebel Ali ni o, àbúrò. Wọ́n ní inú camp àwọn òṣìṣẹ́ níbẹ̀ ni mo máa máa gbé. Bọ́ọ̀sì ń bọ̀ wá gbé mi ní Sátidé."

Mo ní, "Ẹ kú oríire, ẹ̀gbọ́n." Tọkàntọkàn ni mo fi sọ ọ́. Ó sì dùn mí dé egungun.

Ní Sátidé, mo bá a gbé báàgì dé ìsàlẹ̀. Ó ní òun á máa wá kí mi. Àwa méjèèjì mọ bí Jebel Ali, ní ìpẹ̀kun Dubai lọ́hùn-ún, ṣe jìnnà sí Sharjah tó, a sì mọ bí ìsinmi ẹni tó ń ṣe síkúríìtì ṣe kéré tó.

Nírọ̀lẹ́, mo dáná ìrẹsì. Ìgbà tí mo bù ú sínú abọ́ méjì tán ni mo tó rántí.