Wọ́n Kọ̀: Ìwé Tí Mo Fi Ń Wá Iṣẹ́

Ní ọjọ́ Ajé kejì lẹ́yìn tí wọ́n ti ọ́fíìsì wa pa, mo jí ní aago márùn-ún àbọ̀, mo wẹ̀, mo wọ bàtà iṣẹ́ mi, mo sì lọ jókòó sídìí tábìlì ìyá mi ní Paynesville, lẹ́bàá Monrovia. Kò sí ibì kankan tí mo ń lọ. Ìyá mi yọjú láti yàrá rẹ̀, ó wo bàtà náà, ó tún wo ojú mi.

"Níbo lò ń lọ láàárọ̀ yìí?"

"Ibi iṣẹ́ ni mo wà yìí, Màmá. Iṣẹ́ wíwá ni mo ń ṣe."

Ó mi orí, ó padà sínú yàrá, mo sì gbọ́ tó bẹ̀rẹ̀ sí í gbàdúrà. Mo mọ ẹni tó ń gbàdúrà fún.

Ọdún mẹ́sàn-án ni mo fi bójú tó ilé ìkẹ́rù àjọ kan tó ń pín oògùn àti nẹ́ẹ̀tì ẹ̀fọn. Mo mọ iṣẹ́ yẹn dé ìdí. Ṣùgbọ́n àwọn tó ń ṣe agbátẹrù wa lókè òkun dáwọ́ dúró, wọ́n kó wa jọ ní ọ̀sán ọjọ́ kan, wọ́n fún wa ní bisikíìtì àti lẹ́tà ìdúpẹ́, ó parí. Inú bí mi gan-an. Bisikíìtì yẹn ló bí mi nínú jù, mi ò sì mọ ìdí rẹ̀ títí di òní.

Ìyá mi kò jẹ́ kí ọ̀sẹ̀ kan pé kó tó sọ tirẹ̀. Ó ní tí Kérésì bá fi dé tí mi ò tíì ríṣẹ́, òun máa ta ilé, a ó palẹ̀ mọ́, a ó padà sílé. Ilé tó ń wí ni ìlú rẹ̀ lẹ́bàá Ọ̀yọ́. Ọmọ ọdún mẹ́fà ni mí nígbà tí wọ́n gbé mi wá sí Monrovia, ẹ̀ẹ̀mẹta péré ni mo sì ti dé ìlú yẹn láti ìgbà náà. Ìgbà tí mo lọ gbẹ̀yìn, àwọn ẹbí ń pè mí ní àlejò. Mi ò fẹ́ lọ. Kí n di ẹni tó lé ní ogójì ọdún, kí n tún máa bẹ̀rẹ̀ láti ìbẹ̀rẹ̀ nínú yàrá àǹtí mi, mo ní láéláé.

Nítorí náà ni mo ṣe ra ìwé gígùn, irú èyí tí a ń lò ní ilé ìkẹ́rù, mo sì fi rúlà pín ojú rẹ̀ sí ọ̀nà méje: ọjọ́ tí mo rí ìkéde, orúkọ iṣẹ́ àti ilé iṣẹ́, ọjọ́ tí wọ́n máa gba ìwé mọ, ibi tí mo ti gbọ́, irú síífì tí mo fi sílẹ̀, ọjọ́ tí màá padà pè wọ́n, àti èsì. Síífì mi, ìwé tí mo to gbogbo iṣẹ́ tí mo ti ṣe sí, jẹ́ oríṣi mẹ́ta: ọ̀kan fún ilé ìkẹ́rù, ọ̀kan fún rírà ọjà fún ilé iṣẹ́, ọ̀kan fún ìwé títò sí fáìlì nínú ọ́fíìsì. Ta ló máa rántí èyí tó fún ta ni tí kò bá kọ ọ́ sílẹ̀?

Mo pín ọ̀sẹ̀ náà pẹ̀lú. Ọjọ́ Ajé ni mo ń ṣa ìkéde jọ, lórí fóònù, lára pátákó ẹnu géètì àwọn àjọ ní Sinkor, àti nínú ìwé ìròyìn tí mo máa ń kà lórí ìdúró ní Gurley Street títí ẹni tó ń tà á á fi wò mí tìkà-tẹ̀gbin. Ọjọ́ Ìṣẹ́gun àti Ọjọ́rú, mo ń kọ lẹ́tà. Mẹ́ta ni mo gbà fún ara mi lọ́sẹ̀ kan, nítorí mo mọ ara mi. Tí mo bá kọ mẹ́wàá, ọ̀kan náà ni màá kọ lẹ́ẹ̀mẹwàá, àwọn tó ń kà á á sì mọ̀. Ọjọ́bọ̀, mo ń gbé àpòòwé aláwọ̀ ilẹ̀ kiri. Ọjọ́ Ẹtì, mo ń pe àwọn tó yẹ kí n pè, lẹ́yìn náà mo ń ka iye ohun tí èmi fúnra mi ṣe lọ́sẹ̀ náà. Mi ò lè pàṣẹ fún ẹnikẹ́ni pé kó gbà mí, ṣùgbọ́n mo lè pàṣẹ fún ara mi pé kí n kọ lẹ́tà mẹ́ta. Ọjọ́ Àbámẹ́ta, mi ò gbọdọ̀ fọwọ́ kan ìwé náà rárá.

Àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnu géètì kò fẹ́ràn mi. Ọdún mẹ́sàn-án kọ́ mi pé ẹnikẹ́ni kì í gba nǹkan lọ́wọ́ olùtọ́jú ẹrù láì fọwọ́ sí i, mo sì ń ní kí wọ́n kọ orúkọ wọn àti aago sínú ìwé mi kí n tó fi àpòòwé sílẹ̀. Ọ̀kan bi mí pé, "My ma, da bomb inside?" Mo ní rárá o, ẹ̀mí mi ló wà níbẹ̀. Ó rẹ́rìn-ín, ó fọwọ́ sí i.

Báyìí ni oṣù kan di mẹ́ta, mẹ́ta di márùn-ún. Ọ̀nà tí mo pè ní èsì kún. Àwọn tó fèsì, mo kọ "Wọ́n kọ̀" síwájú wọn. Àwọn tí kò sọ nǹkan kan ní oṣù kan lẹ́yìn ọjọ́ ìparí, mo kọ "Wọ́n dákẹ́." Àwọn tó dákẹ́ ló pọ̀ jù, àwọn náà ló sì dùn mí jù. Ẹni tó kọ̀ mí ti rí mi, ó kéré tán.

Nínú oṣù kẹfà tí mo ti ń wá iṣẹ́, ṣọ́ọ̀ṣì ìyá mi gba ààwẹ̀ ọjọ́ mẹ́ta, pásítọ̀ sì wàásù pé ohun tí èèyàn bá fọwọ́ ara rẹ̀ kọ nípa ayé rẹ̀ ni yóò ṣẹ sí i. Mi ò sí níbẹ̀, àpòòwé ni mo ń pín kiri. Nígbà tí mo wọlé lọ́sàn-án, ìwé mi wà ní ṣíṣí lórí tábìlì. Ìyá mi ti mú omi funfun tí a fi ń pa àṣìkọ rẹ́, ó ti kun gbogbo ọ̀nà èsì láti ojú ìwé kìíní dé ìkẹyìn. Lórí omi funfun náà, ó fi lẹ́tà gàdàgbà-gàdàgbà kọ ọ́ ní ìgbà mọ́kànlélọ́gọ́ta: "Ó ti di tèmi."

Ẹ̀jẹ̀ mi hó. Mo pariwo mọ́ ìyá mi, ohun tí mi ò ṣe rí láyé mi.

"Màmá, ta ní rán yín? Iṣẹ́ oṣù mẹ́fà lẹ parẹ́ yìí!"

"Iṣẹ́ wo? Àbí èpè? O jókòó, ò ń kọ 'wọ́n kọ̀, wọ́n kọ̀' sórí ara rẹ lójoojúmọ́, o wá ní kí n máa wò ọ́? I'm your mother o! Ìyá wo ló máa jẹ́ kí wọ́n kọ irú ìyẹn nípa ọmọ rẹ̀?"

"Òótọ́ ni, Màmá! Wọ́n kọ̀ mí lóòótọ́!"

Ó bú sẹ́kún. Èmi náà fẹ́ sunkún, ṣùgbọ́n ìbínú kò jẹ́ kí n rí àyè rẹ̀. Mo gbé ìwé náà jáde sí fáráńdà.

Bíírò mi ti tẹ bébà náà jinlẹ̀. Nígbà tí mo gbé ojú ìwé sókè síbi oòrùn, mo rí i pé mo lè ka ohun tó wà lábẹ́ omi funfun láti ẹ̀yìn. Mo ra ìwé mìíràn lọ́jọ́ kejì, mo sì bẹ̀rẹ̀ sí í ṣe àdàkọ, ìlà kan lẹ́yìn ìkejì. Ibẹ̀ ni ojú mi ti là. Ọ̀nà "ibi tí mo ti gbọ́" yẹn, ńṣe ni mo kàn ń kọ ọ́ tí n kì í kà á. Ẹ̀ẹ̀marùn-ún ni wọ́n ti pè mí fún ìfọ̀rọ̀wánilẹ́nuwò. Mẹ́rin nínú rẹ̀ jẹ́ iṣẹ́ tí ẹnì kan fi ẹnu ara rẹ̀ sọ fún mi. Gbogbo èyí tí mo rí lórí fóònù tí mo sì fi ránṣẹ́ sínú afẹ́fẹ́, ẹyọ kan péré ló bí nǹkan. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń kan ilẹ̀kùn tí kò sẹ́ni lẹ́yìn rẹ̀.

Mo yí ọ̀sẹ̀ mi padà. Lẹ́tà di méjì, Ọjọ́rú sì di ọjọ́ tí mo ń lọ kí àwọn èèyàn. Mi ò bẹ ẹnikẹ́ni pé kó wá iṣẹ́ fún mi. Mo kàn ń bi wọ́n pé kí ni wọ́n ń gbọ́. Àwọn dírẹ́bà ni mo kọ́kọ́ tọ̀ lọ, torí kí àjọ kankan tó ra tábìlì, ó ti háyà ọkọ̀. Ní ọ̀sẹ̀ kẹta, dírẹ́bà tó ń gbé ẹrù wa tẹ́lẹ̀ sọ fún mi nípa àjọ tuntun kan pé, "Sis, de people dem rent one big warehouse, Bushrod side. Shelves coming. But nobody there to count."

Mo débẹ̀ lọ́jọ́ kejì. Obìnrin tó jẹ́ ọ̀gá ibẹ̀ ní àwọn kò tíì gbé ìkéde jáde, kí n lọ dúró bíi gbogbo ayé. Mo dúpẹ́ lọ́wọ́ rẹ̀, mo délé, mo kọ lẹ́tà mi sílẹ̀ dè é. Àárọ̀ ọjọ́ tí ìkéde jáde, èmi ni ẹni àkọ́kọ́ ní géètì, ẹ̀ṣọ́ sì fọwọ́ sí i. Wọ́n pè mí fún ìdánwò. Wọ́n ní kí n ka páálí oògùn. Mo kà á, mo sì fi hàn wọ́n pé wọ́n ti to àwọn tó máa tètè bàjẹ́ sẹ́yìn, àwọn tí ọjọ́ wọn ṣì jìnnà sì wà níwájú. Ọ̀gá náà kọ nǹkan sílẹ̀. Ọkàn mi balẹ̀, mo ti ń rí ara mi níbẹ̀.

Ọ̀sẹ̀ Kérésì ló pè mí. Ó ní mo ṣe dáadáa, ipò kejì ni mo ṣe, ẹnì kan ṣoṣo sì ni wọ́n ń gbà.

Ìyá mi ti gbé àpò Ghana-must-go méjì sílẹ̀ láàárín pálọ̀. Ó dúró, ó gbọ́ gbogbo ohun tí mo sọ lórí fóònù.

"Kí ni wọ́n wí?"

"Ipò kejì, Màmá."

Mo ṣí ìwé, mo mú bíírò, ṣùgbọ́n mi ò lè kọ ọ́. Mo sunkún lójú rẹ̀, mo sì sọ pé bó bá wù ú kó ta ilé, mi ò lọ ibì kankan, màá gba yàrá kan, ọjọ́ Ajé màá tún jí. Ìyá mi jókòó tì mí. Ó gba bíírò lọ́wọ́ mi, ó wá ìlà náà rí, ó sì kọ ọ́ ní lẹ́tà gàdàgbà rẹ̀: "Wọ́n kọ̀." Ó wá gbé bíírò lọ sí ọ̀nà tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀.

"Ọjọ́ wo lo máa padà pè wọ́n?"

"Ọjọ́ Ajé kejì nínú ọdún tuntun."

Ó kọ ọ́. Ó ká àpò méjèèjì, ó sì gbé wọn padà sórí kọ́bọ́ọ̀dù.

Ọjọ́ Ajé tó tẹ̀lé e, mo jí ní aago márùn-ún àbọ̀, mo wẹ̀, mo wá bàtà iṣẹ́ mi títí. Ó wà lábẹ́ tábìlì, níbi ẹsẹ̀ àga mi. Ìyá mi ti nù ún.