Pazarda ni mo wà

Àbúrò Mummy tó ń ra aṣọ wá láti Tọ́kì ló kọ́ mi lédè wọn ní pálọ̀ wa ní Kétu, kí n lè bá wọn lọ. Aunty ní, “Ohun tí àwa ń fi síwájú ọ̀rọ̀, ẹ̀yìn ni àwọn ń lẹ̀ ẹ́ mọ́.” Pazar ni ọjà. Pazara, sí ọjà. Pazarda, ní ọjà. Pazardan, láti ọjà. Pazarın, ti ọjà. Tí o bá fẹ́ràn ọjà yẹn, pazarı lo fẹ́ràn.

Mummy ń ṣa ẹ̀wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ wa, wọn ò dá sí i.

Lọ́jọ́ kan, wọ́n rán mi lọ ra tòmátò ní Mile 12, mo pẹ́, wọ́n pè mí lórí fóònù. Mo fẹ́ ṣe fáàrí, mo dáhùn pé, “Pazarda.”

Mummy ní, “Pazarda yẹn ti tó. Pazardan ni mo fẹ́ gbọ́.”