Ìwé Tí Mo Tún Tẹ̀ Fún Ọmọ Mi

Ọmọ ọdún mẹ́sàn-án ni ọmọbìnrin mi nígbà tí wọ́n kọ́kọ́ ní kó ka Bíbélì níwájú ìjọ wa ní Bódìjà. Kò kọsẹ̀ lẹ́ẹ̀kan. Ó sinmi níbi tó yẹ kó ti sinmi, ó gbé ohùn sókè níbi tó yẹ kó ti gbé e. Lẹ́yìn ìsìn, àwọn ìyá ìjọ yí mi ká, wọ́n ń sọ pé lọ́yà ni mo bí. Mo gbà wọ́n gbọ́. Ta ló máa gbọ́ ọmọ tó ń kàwé báyẹn, tí yóò rò pé kò mọ ohun tó ń kà?

Nígbà tó dé kíláàsì karùn-ún ni ọ̀rọ̀ yí padà. Ìṣirò rẹ̀ dára, sípẹ́lì rẹ̀ dára, àmọ́ nínú àkàyé, níbi tí wọ́n ti ń ka àyọkà kí wọ́n tó dáhùn ìbéèrè lórí rẹ̀, méjì ló gbà nínú mẹ́wàá. Sáà tó tẹ̀ lé e, méjì náà ni. Mo lọ bá olùkọ́ rẹ̀.

Olùkọ́ náà ní, “Mọ́mì, ẹ má bínú o. Bíi rédíò ni ọmọ yín ṣe ń kàwé. Rédíò ń sọ̀rọ̀ lóòótọ́, ṣé ó mọ ohun tó ń sọ ni?”

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí, ṣùgbọ́n èyí tó sọ tẹ̀ lé e ló gba oorun lójú mi. Bí àkàyé ọmọ mi kò bá gòkè kí sáà kejì kíláàsì kẹfà tó parí, ilé ìwé kò ní fi orúkọ rẹ̀ sílẹ̀ fún ìdánwò ìwọlé sí sẹ́kọ́ńdìrì. Àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ á lọ, òun á tún kíláàsì kẹfà ṣe.

Sẹ́kọ́ńdìrì ni èmi parí ìwé sí. Ìwé títẹ̀ ni mo ń fi jẹun, ní ṣọ́ọ̀bù kékeré kan ní Agbọ̀wọ́ tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ yunifásítì máa ń gbé iṣẹ́ àṣekágbá wọn wá. Mo mọ ìwé ẹni tó lọ jìnnà jù mí lọ, mo mọ bó ṣe wúwo lọ́wọ́. Mi ò fẹ́ kí ọmọ mi dúró síbi tí mo dúró sí, ká má tíì sọ pé kó dúró ṣáájú ibẹ̀.

Mo kọ́kọ́ rò pé Gẹ̀ẹ́sì ló ń dà á láàmú. Bàbá rẹ̀ ní kí n fi ọmọ sílẹ̀, pé ojú rẹ̀ á là tó bá yá. “Ìwọ lo máa ń bẹ̀rù ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀,” ló sọ. Mo dá a lóhùn pé, “Dádì, ó ti ṣẹlẹ̀. Ẹ wo káàdì èsì rẹ̀ yìí.” Ó wò ó, ó sì dá a padà fún mi.

Oníbàárà mi kan ló júwe màmá àgbàlagbà kan fún mi ní Bódìjà, olùkọ́ tó ti fẹ̀yìn tì, tó fi ọ̀pọ̀ ọdún kọ́ àwọn ọmọ tí ìwé kíkà le fún. Màmá yẹn kò fi Gẹ̀ẹ́sì dán an wò rárá. Wọ́n fi Yorùbá kọ gbólóhùn márùn-ún sórí ìwé kan, wọ́n ní kí ọmọ mi kà á sókè:

“Àgbẹ̀ kan ra ewúrẹ́ fún ọmọ rẹ̀. Ó so ó mọ́ ìdí igi lẹ́yìn ilé. Nígbà tí òjò bẹ̀rẹ̀, ó já okùn, ó sì sá lọ. Wọ́n wá a títí di ìrọ̀lẹ́, àmọ́ wọn kò rí i. Nítorí náà, àgbẹ̀ náà lọ bá àwọn aládùúgbò rẹ̀.”

Ó kà á bí omi tó ń ṣàn. Màmá náà wá béèrè pé, “Kí ni wọ́n so mọ́ igi?”

Ọmọ mi ní, “Ọmọ àgbẹ̀.”

Mo rẹ́rìn-ín. Màmá náà kò rẹ́rìn-ín. “Ta ló já okùn?”

“Ọmọ náà ni.”

“Kí ló dé tó fi sá lọ?”

“Bóyá ó ń bínú pé wọ́n so òun mọ́lẹ̀ nínú òjò.”

“Kí ni àgbẹ̀ lọ ṣe lọ́dọ̀ àwọn aládùúgbò?”

“Ó lọ kí wọn.”

Màmá fi pẹ́ńsùlù tọ́ka sí ibi tó ti ṣì í fún mi. Nínú gbólóhùn kìíní, “ọmọ” ni ẹni tó gbẹ̀yìn, nítorí náà ọmọ mi sọ gbogbo “ó” tó tẹ̀ lé e di ọmọ. Ẹni tó bá sún mọ́ “ó” jù lọ ló máa ń mú, kò sì ní wẹ̀yìn wò bóyá ó bá ọ̀rọ̀ mu. Àṣìṣe kan yẹn ni gbólóhùn kejì jókòó lé, ẹ̀kẹta jókòó lé èkejì, nígbà tó fi máa dé òpin, ìtàn mìíràn ló wà lọ́kàn rẹ̀. “Àmọ́” àti “nítorí náà”, ó ń pè wọ́n lẹ́nu lásán ni. Kò mọ̀ pé wọ́n ń tọ́ka sí ibi tí ọ̀rọ̀ ti yà, tàbí ohun tó fa nǹkan.

Mo béèrè pé, “Màmá, ṣebí ó ń gbọ́ tá a bá ń bá a sọ̀rọ̀ nílé?”

Wọ́n ní, “Nílé, o máa ń nàka sí nǹkan. Ìkòkò wà níwájú ẹ̀yin méjèèjì. Ìwọ fi ìka pa ọ̀rọ̀ pọ̀ fún un. Jẹ́ kí ọ̀rọ̀ gùn, kí ohun tẹ́ ẹ ń sọ má sí níwájú yín, wàá rí i.”

Wọ́n wá sọ ohun tí a ó máa ṣe. Gbólóhùn méjì péré lóòjọ́ ni ká fi bẹ̀rẹ̀. Tó bá ti kan “ó” tàbí “wọ́n”, kó dúró, kó fi ìka wá ẹni náà lẹ́yìn, kó fi orúkọ rẹ̀ síbẹ̀ fúnra rẹ̀, kó bi ara rẹ̀ bóyá ó bọ́gbọ́n mu. Tó bá kan “àmọ́”, kó sọ ohun tí a ti ń retí àti ohun tó wá ṣẹlẹ̀. Wọ́n wo ojú mi. “Ìyá rẹ̀, o ò gbọ́dọ̀ sọ ọ́ fún un o. Òun ni kó wá a. Á pẹ́.”

A ṣe é fún ọ̀sẹ̀ mẹ́ta. Níbi “ó” kìíní, ó máa ń wò mí lójú, kì í wo ìwé. Tí mo bá dákẹ́, á bẹ̀rẹ̀ sí í méfò: “Àgbẹ̀? Ọmọ? Igi?” Tí mo bá ṣì dákẹ́, omi á dúró sí i lójú. Ọjọ́ kan ló ní, “Mọ́mì, ṣé orí mi ò pé ni?” Ọjọ́ yẹn ni mo ṣe ohun tí n kò gbọ́dọ̀ ṣe.

Mo kó àwọn ìwé kíkà rẹ̀ lọ sí ṣọ́ọ̀bù, mo bẹ̀rẹ̀ sí í tún wọn tẹ̀. Níbi gbogbo tí “ó” wà, mo fi orúkọ rọ́pò rẹ̀. “Àgbẹ̀ náà so ewúrẹ́ náà mọ́ igi. Ewúrẹ́ náà já okùn. Ewúrẹ́ náà sá lọ.” Gbólóhùn tó bá gùn, mo gé e sí méjì. “Bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé”, mo yọ ọ́. Mo ṣe ti Gẹ̀ẹ́sì bẹ́ẹ̀ náà. Mi ò fi ẹyọ kan ṣoṣo sílẹ̀; bí mo ṣe máa ń yẹ iṣẹ́ oníbàárà wò lẹ́ẹ̀mẹta ni mo ṣe yẹ ìwọ̀nyí náà wò. Akẹ́kọ̀ọ́ kan tó ti jókòó dè mí láti àárọ̀ yọjú wo kọ̀ǹpútà.

“Mọ́mì, ẹ̀yin lẹ fẹ́ ṣe ìdánwò ni? Tèmi ńkọ́? Ọ̀gá mi máa jẹ mí níyà o!”

“Fara balẹ̀. Ọmọ ẹlòmíràn náà nìwọ.”

“Ọmọ ẹlòmíràn lóòótọ́, ebi ti fẹ́ pa á!”

Ọmọ mi ka ìwé tuntun náà, ó sì dáhùn gbogbo ìbéèrè. Gbogbo rẹ̀ pátá. Ó fò mọ́ mi lọ́rùn. Mo lọ bẹ olùkọ́ kíláàsì rẹ̀ pé kó máa fún mi ní àyọkà ìdánwò ilé ìwé ṣáájú, kí n lè tún un tẹ̀ kí lẹ́tà rẹ̀ tóbi fún un. Lẹ́tà ni mo fi bojú; mi ò sọ fún un pé ọ̀rọ̀ inú rẹ̀ ni mo fẹ́ yí. Olùkọ́ náà káàánú mi, ó gbà. Mẹ́sàn-án nínú mẹ́wàá. Wọ́n fi orúkọ ọmọ mi sílẹ̀ fún ìdánwò ìwọlé. Mo ń sọ fún màmá ní Bódìjà pé à ń bá iṣẹ́ lọ nílé, ìdánrawò ló ń dí wa lọ́wọ́ tí a kò fi wá mọ́.

Nígbà tó jáde nínú ìdánwò náà, inú rẹ̀ dùn. Mo ra búrẹ́dì àti ẹyin fún un ní Ṣàngó, mo ní kó sọ àyọkà tí wọ́n bá pàdé fún mi. Ó sọ ìtàn nọ́ọ̀sì kan tó ṣàìsàn, tí aláìsàn kan wá fún lóògùn, tí dókítà sì lé jáde nítorí pé ó gba oògùn. Ó sọ ọ́ láìṣiyèméjì. Mo gbé búrẹ́dì mi sílẹ̀; mo mọ̀ pé àyọkà náà kò lè rí bẹ́ẹ̀.

Èsì jáde. Ìṣirò rẹ̀ ga ju ti ọ̀pọ̀ lọ. Nínú àkàyé, kò gba ju ẹyọ kan lọ.

Mo kó gbogbo ìwé tí mo tẹ̀ lọ bá màmá, mo jẹ́wọ́. Wọ́n rọra ṣí wọn wò. Wọ́n ní kí ọmọ mi ka gbólóhùn méjì ojúlówó. Nígbà tó kan “ó”, kò tiẹ̀ wojú ẹnikẹ́ni mọ́. Ó kàn kọjá lọ.

Màmá ní, “Tẹ́lẹ̀, ó mọ̀ pé nǹkan kan sọnù, ó ń wò ọ́ pé kó o bá òun wá a. Ní báyìí kò mọ̀ mọ́ pé ó yẹ kéèyàn wá nǹkan kan. Ìwọ lo ka ìwé fún odidi ọdún kan, ọmọ mi. Òun kò kà á.”

Mo béèrè bóyá a ṣì lè tún un ṣe. Wọ́n ní ká máa bọ̀ lọ́jọ́ Tuesday àti Thursday.

Ó wá kù kí n sọ fún ọmọ. Ọ̀rẹ́ rẹ̀ kan tí ń gbé yàrá tó tẹ̀ lé tiwa, tí wọ́n jọ ṣe ìdánwò, ti rí ààyè wọ sẹ́kọ́ńdìrì. Mo rọra gbé ọ̀rọ̀ náà kalẹ̀ kó má baà dùn ún jù. Mo ní, “Ìwọ àti ọ̀rẹ́ rẹ jọ ṣe ìdánwò. Ó gba àkàyé, ìwọ náà sì gba ìṣirò. Àmọ́ kí wọ́n tó mú ọmọ, ó gbọ́dọ̀ gba méjèèjì. Nítorí náà, bí inú wọn tilẹ̀ dùn sí ìṣirò rẹ, òun ni yóò kọ́kọ́ lọ, tó bá di ọdún tó ń bọ̀, ìwọ náà á lọ.”

Ó ní, “Inú wọn dùn sí ìṣirò mi?” Ó sáré jáde.

Mo gbọ́ ohùn rẹ̀ ní kọ́rídọ̀. “Wọ́n mú mi! A jọ ń lọ ni!”

Ọ̀rẹ́ rẹ̀ ní, “Mọ́mì mi ní wọn ò mú ẹ.”

“Irọ́ ni! Mọ́mì tèmi ló sọ fún mi báyìí!”

Mo jáde, mo dì í lọ́wọ́ mú, mo kúnlẹ̀ kí ojú wa lè ṣe mẹ́rin. Mo ní, “Ilé ìwé mú ọ̀rẹ́ rẹ. Ilé ìwé kò mú ọ.”

Èyí yé e lẹ́sẹ̀kẹsẹ̀.