Ẹnubodè Tó Wà Nínú Ọ̀pá Ẹ̀yìn Mi

Ẹ ò ní í gbà mí gbọ́, mi ò sì ní í bínú sí yín. Bí ẹlòmíràn bá sọ fún èmi náà pé àpótí ṣíṣófo mú ìrora kúrò lẹ́sẹ̀ òun, ohun tí màá bi í ni pé kí ló mu kó tó jáde nílé. Bẹ́ẹ̀ èmi ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní ìmọ̀ ara àti ohun ẹlẹ́mìí ní kọ́lẹ́ẹ̀jì kan níbí ní Kétu. Èmi kan náà ló máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ tí wọ́n bá gba nǹkan gbọ́ láìwádìí.

Ọ̀nà Odomèta ni ọ̀ràn ẹsẹ̀ náà ti bá mi. Mo gun sémíjàn, alùpùpù akérò wa, lọ kí ẹ̀gbọ́n mi obìnrin. Bí mo ṣe ń sọ̀ kalẹ̀, mò ń fi ẹni tó gbé mi ṣe ẹlẹ́yà pé eré rẹ̀ ti pọ̀ jù, mi ò wo ibi tí mò ń gbé ẹsẹ̀ sí. Irin tí èéfín ń gbà jáde lẹ̀ mọ́ mi ní ojúgun ọ̀tún. Yẹ̀yẹ́ parí síbẹ̀. Egbò náà jiná nígbà tó yá, awọ tuntun bò ó, ṣùgbọ́n ìrora kò gbọ́ pé ogun ti tán. Kò jẹ́ kí n sùn. Tí mo bá dúró díẹ̀ ní kíláàsì, àfi kí n wá àga. Ọ̀gá àgbà wa wò mí títí, ó ní, “Tíṣà, bí ẹ ò bá lè dúró, ẹ jẹ́ kí n wá ẹlòmíràn fún àwọn ọmọ tó fẹ́ ṣe ìdánwò bákì.” Kíláàsì ìdánwò yẹn ni mo fi ń yangàn láàárín ìlú. Ìbẹ̀rù pé wọn ó gbà á lọ́wọ́ mi ju iná ojúgun lọ.

Mo bá gba ilé ìwòsàn lọ, sọ́dọ̀ ọ̀rẹ́ mi. A jọ jókòó lórí bẹ́ǹṣì kan náà láti kékeré ni. Ó ti di kíné báyìí, àwọn tó ń tọ́jú iṣan àti oríkèé.

“Ọ̀gá tíṣà,” ó ní, “ṣé o fẹ́ fi ojúgun yan ẹran ni?”

“Ṣe iṣẹ́ tí wọ́n gbà ọ́ fún.”

Ó gbé àpótí kékeré kan jáde tó ní wáyà, ó lẹ ahọ́n méjì tó wà lórí wáyà náà mọ́ awọ tí kò jóná lókè àpá náà, ó yí bọ́tìnnì. Ó dà bí ìgbà tí èèrà ń sáré lára mi. Kò pẹ́ tí iná ojúgun mi rọlẹ̀ bí àtùpà tí wọ́n dín òwú rẹ̀ kù.

Ó fẹ́ ṣàlàyé, mo gbà á lẹ́nu rẹ̀. Ṣebí ohun tí mò ń kọ́ àwọn ọmọ nìyẹn. Bí iná bá kan awọ, orí àwọn iṣan ìmọ̀lára tín-ín-rín ló ń kígbe. Ìránṣẹ́ méjì ló ń gbé igbe náà. Ọ̀kan yára, òun ló ń mú oró tó gún ni lójijì wá. Èkejì ń fẹsẹ̀ wọ́lẹ̀, òun ló ń gbé jíjó tí kì í lọ bọ̀. Àwọn méjèèjì ń wọ inú okùn tó wà nínú ọ̀pá ẹ̀yìn, wọ́n á fa iṣẹ́ lé ìránṣẹ́ mìíràn lọ́wọ́. Ìyẹn á sọdá sí apá kejì, á gòkè lọ sí ibùdó kan láàárín ọpọlọ, ibẹ̀ ni wọ́n á ti pín in dé èèpo ọpọlọ. Ìgbà yẹn gan-an lèèyàn tó mọ̀ pé ojúgun ọ̀tún òun ló ń jó. Ṣùgbọ́n níbi tí wọ́n ti ń fa iṣẹ́ lé ara wọn lọ́wọ́ nínú ọ̀pá ẹ̀yìn yẹn, ẹnubodè wà níbẹ̀. Iṣan tó ń gbé ìfọwọ́kàn nípọn ju ti ìrora lọ. Bí ìfọwọ́kàn bá pọ̀, àwọn ẹ̀ṣọ́ ẹnubodè á bo ìrora lóhùn mọ́lẹ̀. Ìdí nìyẹn tí ọmọ tó bá fi orúnkún gbá nǹkan fi máa ń fọwọ́ ra á.

“Àkàbà Ìdènà, ẹnubodè ìlú wa àtijọ́, kò jìnnà sílé wa,” mo ní. “Ta ló fẹ́ kọ́ ọmọ Kétu ní ti ẹnubodè?”

Ó rẹ́rìn-ín, ó yá mi ní àpótí náà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sùn. Mo tún ń dúró níwájú àwọn ọmọ.

Nígbà tó yá, ó wá gba àpótí náà, ó ní òun fẹ́ tún un ṣe. Nígbà tó dá a padà, ó ti fi pílásítà bo iná pupa kékeré orí rẹ̀. “Mo ti yí i sí èyí tó rọ̀,” ó ní. “O ò ní í mọ̀ ọ́n lára mọ́, ṣùgbọ́n iṣẹ́ ń lọ. Má ṣí pílásítà yẹn o.”

Mo gbà. Ta ni ǹ bá gbà gbọ́, bí kì í bá ṣe òun? Ìyàwó mi ló ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ mi lára lálaalẹ́, òun náà ló ń yí bọ́tìnnì. Oorun mi sì ń dùn.

Ọjọ́ tí ẹ̀kọ́ ìrora kàn wá ní kíláàsì, mo gbé àpótí náà dání kí àwọn ọmọ lè fara mọ̀ ọ́n. Ọmọbìnrin kan níwájú na apá rẹ̀. Mo yí bọ́tìnnì.

“Ó ń ṣe ọ́ bí èèrà, àbí?”

“Rárá, mùsíyé.”

“Awọ rẹ nípọn bíi ti erinmi.”

Kíláàsì rẹ́rìn-ín. Mo lẹ̀ ẹ́ mọ́ apá èmi fúnra mi, mo yí i dé òpin. Nǹkan kan kò ṣẹlẹ̀. Ọmọbìnrin yẹn, tí kò tíì gbàgbé erinmi, ní, “Ẹ jọ̀ọ́, mùsíyé, ṣé tiyín náà nípọn ni?”

Mo ya pílásítà. Iná ti kú. Mo ṣí ẹ̀yìn àpótí. Ibi tí píìlì tó ń fún un níná ń wà ṣófo, ó mọ́ féfé, bí àwo tí ewúrẹ́ ti lá. Àwọn ọmọ ń rẹ́rìn-ín, wọ́n ń fọwọ́ gbá tábìlì. Lójú ẹsẹ̀, ojúgun mi gbaná. Mo wá àga.

Mo bá ọ̀rẹ́ mi níbi tó ti ń nu ibùsùn ìtọ́jú.

“Ta ló yọ píìlì?”

“Èmi ni.” Ojú kò tì í. “Epo gbígbóná ló dà sí obìnrin ará Adakplamè kan lápá. Irú píìlì yẹn ti wọ́n, mo fi tìrẹ sínú àpótí tí mo yá a. Ara tìrẹ ti ń yá, òun kò rí oorun sùn.”

“O ò lè sọ fún mi?”

“Kí n sọ ọ́ kó tún bẹ̀rẹ̀ sí í dùn ọ́? Ẹnubodè tó o fi ń yangàn yẹn, ṣé ẹ̀gbẹ́ kan ṣoṣo ni wọ́n ti ń tì í? Ọpọlọ náà ń rán àṣẹ wálẹ̀ láti ìdí rẹ̀, ara á po oògùn tirẹ̀ níbẹ̀, wọ́n á fi ti ìlẹ̀kùn kan náà láti òkè. O gbà pé àpótí ń ṣiṣẹ́, ọpọlọ rẹ sì bá a ṣiṣẹ́. Ìrora rẹ kì í ṣe irọ́. Ìtura rẹ náà kì í ṣe irọ́.”

“Ìwọ nìkan ló kù tó jẹ́ irọ́.”

Ó ká aṣọ tó fi ń nu ibùsùn. Lẹ́yìn náà ló wá sọ èyí tó dùn mí jù: “Ìyàwó rẹ mọ̀.”

Mo délé, mo bi í. Kò tilẹ̀ gbé ojú kúrò lórí ẹ̀fọ́ tó ń já. “Bàbá àwọn ọmọ, ẹni tó ń sùn, ṣé wọ́n máa ń jí i láti sọ fún un pé ó ń sùn ni?”

Mi ò jẹ oúnjẹ rẹ̀. Mo kọjú sí ògiri. Gbogbo bọ́tìnnì tó ń yí lálaalẹ́ yẹn, tó tún ń bi mí pé, “Ṣé ó ti wọlé?” Èmi á ní, “Ó ti wọlé.” Ojúgun mi jó bí ọjọ́ tí mo sọ̀ kalẹ̀ lórí alùpùpù. Ó hàn sí mi pé ìgbẹ́kẹ̀lé ni ẹ̀ṣọ́ mi, wọ́n sì ti lé e lọ.

Ní òwúrọ̀ ọjọ́ kejì, mo díbọ́n bí ẹni tó ń sùn. Mo gbọ́ tí ìyàwó mi jókòó síbi ẹsẹ̀ mi. Ó fi òrí ra ọwọ́, ó bẹ̀rẹ̀ sí í fọwọ́ ra ojúgun mi lókè àpá náà, lọ sókè, bọ̀ nísàlẹ̀. Mo fẹ́ fa ẹsẹ̀ mi kúrò. Mo fẹ́ kí ó máa dùn mí, kí ojú lè tì í. Ṣùgbọ́n iṣan ìfọwọ́kàn kì í bi ọwọ́ bóyá ìjà wà láàárín èèyàn. Iná náà rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀, mi ò sì lè sọ pé mi ò mọ̀ ọ́n lára. Mo dìde láìkí i, mo wọ sòkòtò, mo lọ dúró níwájú àwọn ọmọ títí aago fi lù. Mi ò tíì dárí ji ẹnikẹ́ni nínú wọn. Ojúgun mi ló lọ bá wọn parí ìjà láìbi mí.