Ọ̀kadà Tí Mo Bá Àbúrò Mi Ṣírò

Olùkọ́ ìṣirò ni mí ní Oǹdó. Ìdí nìyẹn tí àbúrò mi fi mú mi dání lọ sí Àkúrẹ́ lọ́jọ́ tó fẹ́ gba ọ̀kadà àsandíẹ̀díẹ̀. Ẹni tó bá san owó rẹ̀ lẹ́ẹ̀kan náà, ₦900,000 ni. Àbúrò mi máa san ₦300,000 sílẹ̀, kó wá máa san ₦18,000 lọ́sẹ̀ fún àádọ́ta ọ̀sẹ̀. Mo ní, "Gbogbo rẹ̀ máa jẹ́ ₦1,200,000. Èlé ₦300,000 lórí ₦900,000, ìdá kan nínú mẹ́ta ni. Gbà á." Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù wa ì bá yá mi ní ìyókù ní èlé kékeré, àmọ́ mi ò fẹ́ kí gbèsè rẹ̀ wà lórúkọ mi.

Ìgbà tó san án tán ni mo fi í ṣe àpẹẹrẹ ní kíláàsì. Mo kọ "Owó tí wọ́n yá a" sójú pátákó, ọwọ́ mi sì dúró. ₦600,000 ni. Ta ló ń gba èlé lórí owó tí èèyàn ti san sílẹ̀? Gbèsè náà sì ń dín kù lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀. Mo dán oríṣiríṣi èlé wò títí èyí tó pa gbèsè náà rẹ́ lọ́sẹ̀ àádọ́ta fi jáde: náírà kan àti kọ́bọ̀ méjìléláàádọ́rin lórí ọgọ́rùn-ún lọ́sẹ̀. Lọ́dún, ó fẹ́rẹ̀ẹ́ tó àádọ́rùn-ún náírà lórí ọgọ́rùn-ún. Nínú ₦18,000 àkọ́kọ́, ₦10,320 ló bá èlé lọ.

Lọ́jọ́ Ìsinmi tó kọjá, àbúrò mi gbé iṣu wá. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, bí kì í bá ṣe yín, wọn ì bá rẹ́ mi jẹ."

Mo gba iṣu náà. Mo sì jẹ ẹ́.